Àtẹ̀jáde ilé-iṣẹ́ àbí ìwé ìròyìn àtijọ́: èwo lẹ máa gbà gbọ́ tẹ́ ẹ bá ń wá ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀?

Ilé ìfọpo Dangote tó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, ọjọ́ wo gan-an ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Ẹ bi èèyàn mẹ́rin, ẹ lè gbọ́ ìdáhùn mẹ́rin, kò sì ní sí òpùrọ́ kankan nínú wọn. Ẹnì kan á ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni, torí ọjọ́ yẹn ni Ààrẹ Buhari wá ṣí i, gbogbo tẹlifíṣọ̀n ló gbé e. Ẹlòmíì á ní rárá o, oṣù kìíní ọdún 2024 ni, ìgbà tí wọ́n kéde pé àwọn ti ń ṣe dísẹ̀lì àti epo bàálù. Ẹnì kẹta á ní bẹntiróòlù lòun mọ̀ sí epo, ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 lèyí sì kọ́kọ́ jáde. Ẹnì kẹrin, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ awakọ̀ tánkà, á ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án yẹn kan náà ni, torí ìgbà yẹn ni tánkà NNPC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bẹntiróòlù jáde níbẹ̀.

Èèyàn tó ń kọ ìtàn ilé-iṣẹ́ kan, yálà fún iṣẹ́ ìwé, fún Wikipedia, tàbí kó kàn fẹ́ mọ̀, irú nǹkan báyìí ló máa ń bá pàdé, ọ̀nà méjì ló sì sábà máa ń wà nílẹ̀ fún un. Ọ̀kan ni àtẹ̀jáde tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ fi síta, ìkejì ni ìwé ìròyìn ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ á kàn mú èyí tí Google bá kọ́kọ́ gbé wá. Èmi ò fara mọ́ ọn, torí pé ohun tí àwọn méjèèjì mọ̀ ò dọ́gba. Ilé ìfọpo yìí ni mo máa fi ṣàlàyé, torí ó ní gbogbo ẹ̀ nínú: ìkéde, ìyípadà ibùdó, ìdádúró, ìṣíde, àti ọjà tó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tó bá jẹ́ ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ọjà lẹ ń wá

Níbí, àtẹ̀jáde ló borí, mo máa sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ gùn. Ilé-iṣẹ́ ló mọ ọjọ́ tóun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan, ó sì máa ń kọ ọ́ sórí àtẹ̀jáde, ìlú àti ọjọ́ níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ti epo rọ̀bì tí wọ́n kọ́kọ́ gbà: oṣù kejìlá ọdún 2023 ni wọ́n kéde pé mílíọ̀nù kan àgbá epo Agbami ti dé, wọ́n sọ ẹni tó tà á fún wọn, wọ́n sọ ibi tí epo náà ti wá, wọ́n sì sọ pé mílíọ̀nù márùn-ún míì ń bọ̀. Oníròyìn tó jókòó sí Ìkẹjà ò lè mọ irú nǹkan yẹn àyàfi tí wọ́n bá sọ fún un. Tẹ́ ẹ bá wá ka ìwé ìròyìn lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ inú àtẹ̀jáde yẹn náà lẹ máa bá níbẹ̀, wọ́n kàn gé e kúrú ni, nígbà míì wọ́n á tiẹ̀ ti yọ ọjọ́ kúrò, wọ́n á fi "ní òpin ọ̀sẹ̀" rọ́pò ẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Wọ́n á rí i pé ìwé ìròyìn mẹ́wàá sọ ohun kan náà, wọ́n á ní ẹlẹ́rìí mẹ́wàá làwọn ní, bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni, ilé-iṣẹ́ náà ni. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ò le rárá. Ẹ mú gbólóhùn kan tó ní ọ̀rọ̀ tí ò wọ́pọ̀, ẹ fi àmì ìfàyọ sí i níwájú àti lẹ́yìn, ẹ wá a lórí Google. Tó bá jẹ́ gbólóhùn kan náà, àní àṣìṣe nọ́ńbà kan náà ló wà níbi mẹ́fà, àtẹ̀jáde kan ni gbogbo wọn ti dà á kọ. Ẹ kà á sí ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa wá èyí tí oníròyìn rẹ̀ dé ibẹ̀ fúnra ẹ̀. Onítọ̀hún á sọ nǹkan tí ò sí nínú àtẹ̀jáde: ìbéèrè tó bi wọ́n, ohun tí wọn ò dá a lóhùn, ohun tó rí lẹ́nu ọ̀nà.

Tó bá jẹ́ ìṣíde

Ọ̀rọ̀ yí padà díẹ̀ níbí. Ìṣíde ní ọjọ́ tó dájú, torí ààrẹ wá, gómìnà wá, wọ́n ya fọ́tò. Mọ́ńdè ni ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ó ku ọ̀sẹ̀ kan géérégé kí Buhari gbéjọba sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jà lé ọjọ́ yẹn lórí. Àmọ́ kí ni wọ́n ṣí gan-an? Lójọ́ yẹn, Dangote fúnra ẹ̀ ló sọ pé ọjà àkọ́kọ́ á wà níta kí oṣù keje tó parí tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún 2023. Oṣù keje dé, ó lọ. Oṣù kẹjọ dé, òun náà lọ. Epo rọ̀bì tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ gan-an, oṣù kejìlá ló tó dé. Ṣé ẹ rí i, wọ́n ti sọmọ lórúkọ kí wọ́n tó bí i.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí àtẹ̀jáde tó ní "a ti ṣí", ẹ gba ọjọ́ yẹn fún ayẹyẹ, kẹ́ ẹ má gbà á fún iṣẹ́. Fún iṣẹ́, ẹ lọ sínú ìwé ìròyìn oṣù mẹ́ta, mẹ́fà, méjìlá lẹ́yìn ayẹyẹ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni ti oṣù keje ọdún 2024, ó ti lé lọ́dún kan tí ààrẹ ti wá ṣí i, ni ọ̀gá àjọ NMDPRA tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ epo bá sọ fáwọn oníròyìn pé ilé ìfọpo náà ò tíì gba ìwé àṣẹ, pé ó ṣì wà ní ipele ìgbaradì ṣáájú ìṣíde, pé iṣẹ́ ẹ̀ wà ní nǹkan bí ìdá márùndínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ náà dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ nígbà náà. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ gbà á tàbí kẹ́ ẹ má gbà á o. Ohun tí mò ń sọ ni pé irú ọ̀rọ̀ yẹn ò lè sí nínú àtẹ̀jáde ilé-iṣẹ́ láéláé, inú ìwé ìròyìn nìkan lẹ ti lè bá a, ó sì jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ìṣíde", nǹkan méjì ni lẹ́nu ààrẹ àti lẹ́nu àjọ tó ń fúnni níwèé àṣẹ.

Kì í ṣe ilé ìfọpo nìkan nirú ẹ̀ ń ṣe. MTN ní ìpè GSM àkọ́kọ́ wọn wáyé ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 2001, àmọ́ oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta láìnì fáráàlú. Èèyàn tó bá kọ oṣù karùn-ún ò parọ́, èyí tó bá kọ oṣù kẹjọ náà ò parọ́, ṣùgbọ́n tí wọn ò bá kọ ohun tí ọjọ́ náà jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹni tó bá ń kà á á rò pé ọ̀kan nínú wọn ò mọ ohun tó ń sọ.

Tó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kó kúrò níbì kan lọ síbòmíì

Ibí lọ̀rọ̀ pọ̀ sí, ibí sì ni àtẹ̀jáde ti máa ń jáni kulẹ̀ jù. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń lọ síbi tó dáa á pariwo, ṣùgbọ́n ta ló máa ń ṣe àtẹ̀jáde pé a ti kúrò ní ìpínlẹ̀ yín o? Wọ́n á kàn dákẹ́ lórí orúkọ ibi àtijọ́, wọ́n á máa pe orúkọ tuntun bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n ti wà látilẹ̀.

Nígbà tí Dangote kéde ilé ìfọpo yìí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, tó ní òun ti rí owó yá lọ́wọ́ àwọn báǹkì, bílíọ̀nù 3.3 dọ́là, Lẹ́kí kọ́ ni wọ́n ní wọ́n máa kọ́ ọ sí. Olókola ni, ibùdó ọ̀fẹ́ tó wà lẹ́nu ààlà ìpínlẹ̀ Ògùn àti Oǹdó. Iye tí wọ́n ní gbogbo ẹ̀ máa ná wọn nígbà yẹn ni bílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là, ohun tí wọ́n ní á máa fọ̀ lójúmọ́ jẹ́ 400,000 àgbá, ọdún 2016 ni wọ́n sì ní ó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí ọdún 2016 dé, Lẹ́kí ni wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀. Lọ́jọ́ wo ni wọ́n kó kúrò ní Olókola?

Kò sí ọjọ́ kan o. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ há a mọ́ àárín. Ẹ wá ìwé tó gbẹ̀yìn tó ṣì ń pe Olókola ní ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí, ẹ kọ ọjọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá èyí tó kọ́kọ́ pe Lẹ́kí, ẹ kọ tiẹ̀ náà. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yẹn ni ìpinnu ti wáyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àlàfo yẹn máa gùn, láti oṣù kẹsàn-án 2013 títí wọ ọdún 2016. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń rí ìwé sí i ni á máa kúrú. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ báyìí:

```
"Dangote" refinery "Olokola" after:2013-08-01 before:2016-12-31
"Dangote" refinery "Lekki" after:2013-08-01 before:2016-12-31
"Dangote" refinery "OKLNG" after:2013-08-01 before:2016-12-31
```

Mo fi ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn sí i torí àwọn oníròyìn kan ò pe Olókola rárá, OKLNG ni wọ́n ń kọ, orúkọ iṣẹ́ gáàsì tí wọ́n fẹ́ ṣe síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ò bá mọ èyí á pàdánù ìwé tó pọ̀, á sì rò pé ọ̀rọ̀ Olókola ti tán kó tó tán.

Ẹ máa ṣọ́ra fún nǹkan kan níbí. Oníròyìn tó ń kánjú lè da àlàyé ọdún tó kọjá kọ sísàlẹ̀ ìròyìn tuntun, ẹ máa wá rí Olókola nínú ìròyìn tó jáde lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé Lẹ́kí ni. Ìyẹn ò ka ẹ̀rí. Èyí tó ka ni ìwé tí ibùdó jẹ́ ọ̀rọ̀ gangan nínú ẹ̀: gómìnà ń sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ náà, Dangote ń dáhùn ìbéèrè lórí ẹ̀, tàbí àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí. Bákan náà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá nípa ìdí tí wọ́n fi kúrò dáa láti mọ ìdí, àmọ́ kò dáa láti mọ ìgbà, torí pé ẹnu èèyàn máa ń fún ọdún pọ̀ ni.

Tẹ́ ẹ bá rí ojú ìwé tí kò ní ọjọ́ rárá, nọ́ńbà inú ẹ̀ lè tú u fó. Èyí tó bá ń sọ 400,000 àgbá àti bílíọ̀nù mẹ́sàn-án, ìgbà ìkéde àkọ́kọ́ ló ti wá, torí 650,000 ni wọ́n padà kọ́ ọ dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọdún tí wọ́n ń ṣèlérí: èyí tó ní "á parí ní 2016" ṣáájú èyí tó ní ìparí 2018, ìyẹn sì ṣáájú èyí tó ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020.

Ìlérí kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀

Mo ní láti dúró díẹ̀ lórí eléyìí torí òun ló ń ba ìtàn ilé-iṣẹ́ jẹ́ jù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àtẹ̀jáde fẹ́ràn ọ̀rọ̀ "yóò". Ẹnì kan á rí "yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020", á kọ "ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020", ẹlòmíì á dà á kọ, ó di òótọ́ nìyẹn. Tí ìlérí bá sì kùnà, kò sí àtẹ̀jáde tí wọ́n máa ṣe pé ó kùnà, tuntun ni wọ́n á kàn gbé jáde. Ìwé ìròyìn ló ń kọ ìkùnà sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ṣì ń pe ìbẹ̀rẹ̀ 2020, Reuters kọ ọ́ pé àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ náà ní kò jọ pé epo á jáde ṣáájú 2022. Ẹ fi wé ohun tó padà ṣẹlẹ̀: 2024. Ìwé ìròyìn gan-an ò gbà á tán, àmọ́ ó sún mọ́ ọn ju àtẹ̀jáde lọ.

Fún ìdí èyí, ọ̀rọ̀ ìṣe ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa wò kẹ́ ẹ tó wo ọjọ́. "Yóò", "ń gbèrò", "ti tó àkókò", ìlérí ni gbogbo ìyẹn. "Ti gbà", "ti bẹ̀rẹ̀", "ti tà", ìyẹn la lè fi ọjọ́ sí, síbẹ̀ kí ẹlòmíì tún jẹ́rìí sí i. Fún bẹntiróòlù ti 2024, ẹ̀rí náà wà: ilé-iṣẹ́ fi han àwọn oníròyìn ní Túsìdé ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án, NNPC, tó jẹ́ ẹni tó rà á, sì kó tánkà lọ síbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e ní Sọ́ńdè ọjọ́ 15. Ẹni tó tà sọ tiẹ̀, ẹni tó rà náà sọ tiẹ̀, ọjọ́ méjèèjì ò sì takora, torí ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fi hàn, èkejì jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé e.

Ọjọ́ tó wà lójú ìwé fúnra ẹ̀ ńkọ́?

Ìwé ìròyìn bébà ò lè yí ọjọ́ padà, ohun tí wọ́n tẹ̀ ti tẹ̀, kẹ́ ẹ kàn rántí pé ohun tó ní "lánàá" nínú ìwé ọjọ́ Wẹ́sìdé, Túsìdé ló ṣẹlẹ̀. Ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló níṣòro. Ọjọ́ tí Google kọ sábẹ́ líǹkì lè jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n tún ojú ìwé náà ṣe, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé nígbà tí ìwé ìròyìn bá kó lọ sórí sáìtì tuntun, ìròyìn ọdún 2010 á máa gbé ọjọ́ tí wọ́n kó o kiri. Tẹ́ ẹ bá wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Ctrl+U kẹ́ ẹ lè rí kóòdù ojú ìwé náà, kẹ́ ẹ wá ọ̀rọ̀ méjì yìí níbẹ̀:

```
datePublished
dateModified
```

Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tó jáde, ìkejì ni ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn. Tí líǹkì náà fúnra ẹ̀ bá ní ọdún àti oṣù nínú, ẹ fi wé ìyẹn náà.

Àtẹ̀jáde tún wá burú jù lórí èyí, torí ilé-iṣẹ́ lè yọ ọ́ kúrò lórí sáìtì wọn pátápátá nígbàkigbà, pàápàá èyí tí ìlérí inú ẹ̀ ti kùnà. Wayback Machine, sáìtì tó ń ya ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì pa mọ́, ni mo máa ń sá lọ bá, ẹ kàn kọ ọ́ báyìí:

```
https://web.archive.org/web/2013*/dangote.com
```

Á gbé kàlẹ́ńdà ọdún náà wá, àwọn ọjọ́ tí wọ́n ya ojú ìwé náà pa mọ́ á ní àmì roboto. Tẹ́ ẹ bá tẹ ọ̀kan nínú wọn, nọ́ńbà gígùn tó máa wà nínú líǹkì, tó jẹ́ mẹ́rìnlá, ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá ni, aago Lọ́ńdọ̀n ìgbà òtútù ló sì ń lò, ẹ fi wákàtí kan kún un fún ti Nàìjíríà. Ọjọ́ tí wọ́n yà á kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ o, ohun tó sọ fún yín kò ju pé ó ti wà níbẹ̀ nígbà tó fi máa di ọjọ́ yẹn.

Èwo lẹ máa mú, tó bá ku ẹyọ kan?

Tí ilé-iṣẹ́ náà bá wà lórí pátákó ìdókòòwò Èkó, mi ò ní mú ìkankan nínú méjèèjì ṣáájú, ìwé tó fi ránṣẹ́ sí NGX, àwọn tó ń darí pátákó náà, ni mo máa kọ́kọ́ wò, torí òfin wà lórí ìyẹn, ọjọ́ sì wà lórí ẹ̀. MTN Nigeria wà níbẹ̀ láti ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 2019, Dangote Cement náà wà níbẹ̀. Ìyẹn ò lè ràn yín lọ́wọ́ fún gbogbo ọjọ́ tí mo kọ sókè yìí ṣá, torí pé nígbà tí gbogbo ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, ilé ìfọpo ò sí lórí pátákó náà.

Láìsí ìyẹn, àtẹ̀jáde fún ọjọ́ tí ọjà jáde, ìwé ìròyìn fún ìyípadà ibùdó àti fún ohunkóhun tó bá pẹ́ ju bí wọ́n ṣe sọ lọ. Ìṣíde nìkan ni mi ò lè fi ẹyọ kan dá lé lórí, méjèèjì ni, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́: "wọ́n ṣí i ní gbangba, 22/5/2023, wọ́n kéde dísẹ̀lì àti epo bàálù, oṣù kìíní 2024". Fún Olókola, ẹ má mú ọdún kan ṣoṣo lérò pé ó máa mọ́ tónítóní lójú. Ẹ kọ "láàárín oṣù kẹsàn-án 2013 àti 2016", títí ẹ ó fi rí ìwé tó máa dín in kù.

Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ti yí orúkọ padà lẹ ń wá, orúkọ ìgbà náà ni kẹ́ ẹ fi wá a. Èyí tó ń jẹ́ Airtel lónìí, Econet ni lọ́dún 2001, lẹ́yìn náà ló di Vmobile, tó di Celtel, tó di Zain, kó tó di Airtel lọ́dún 2010. Ẹni tó bá ń wá "Airtel 2001" á kàn máa bá ìròyìn àjọ̀dún pàdé ni, èyí tí wọ́n kọ lẹ́yìn ogún ọdún. Ìròyìn ìgbà náà gan-an wà nínú bébà, ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ìwé ìròyìn àtijọ́, àwọn Archivi.ng náà sì ti ń ya àwọn ìwé ìròyìn Nàìjíríà àtijọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ìpolówó Econet fúnra ẹ̀, ìpolówó sì máa ń kọ ọjọ́ tí ọ́fíìsì máa ṣílẹ̀kùn, àdírẹ́sì ẹ̀, àti iye tí wọ́n ń ta láìnì, láìsí àwíjàre kankan.